Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn ọ̀gá òṣìṣẹ́ ní Àkúrẹ́: bí ẹ ṣe lè ka ìjábọ̀ ọ́tísíìmù tí òṣìṣẹ́ yín mú wá

Ẹ̀yin ọ̀gá wa tí ẹ ń mójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní Alágbàáka àti ní àwọn ilé iṣẹ́ yòókù káàkiri Àkúrẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá.

Àwa tí a ń kọ lẹ́tà yìí wà lára àwọn tí ń ṣe àyẹ̀wò ọ́tísíìmù fún àgbàlagbà, àwa náà la sì ń kọ ìjábọ̀ tí wọ́n máa ń gbé wá sórí tábìlì yín. Ọ́tísíìmù ni pé ọpọlọ ẹni ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tó yàtọ̀ láti kékeré, nínú bí ó ṣe ń bá ènìyàn lò àti bí ariwo àti àyíká ṣe ń rí lára rẹ̀. Ìwé náà lè tó ojú ewé mẹ́wàá. Ọ̀gá tí iṣẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀ á ṣí ojú ewé kìíní, á rí orúkọ tí wọ́n pe ohun tó ń ṣe òṣìṣẹ́ rẹ̀; á ṣí ti ẹ̀yìn pátápátá, á rí i pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé "kí ẹ fún un ní àyíká tó dákẹ́, kí ẹ sì máa ní sùúrù fún un." Á mirí, á ti ìwé bọ fáìlì, ó tán nìyẹn. A ò bá yín wí. Ta ló mọ bí wọ́n ṣe ń wá àyíká tó dákẹ́ ní ọ́fíìsì tí jẹnẹrétọ̀ mẹ́ta ń ké lẹ́yìn fèrèsé rẹ̀? Ẹni tó kọ irú àbá bẹ́ẹ̀ ló jẹ̀bi, àwa la sì ń kọ ọ́.

Àwọn àgbà ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú rẹ̀ á di odindi. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó ní ọ́tísíìmù jẹ́ ọmọlúàbí dé góńgó, síbẹ̀ ààbọ̀ tí ẹ bá sọ fún wọn, ààbọ̀ náà ni wọ́n máa gbọ́, òun náà ni wọ́n sì máa ṣe. Ẹ wá wo bó ti burú tó pé ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni àwa fúnra wa tún ń kọ nípa wọn. Nítorí náà, a fẹ́ mú ìjábọ̀ kan, ká tú u palẹ̀ lójú yín, kí ẹ lè mọ ohun tó yẹ kí ẹ wá nínú èyí tó bá dé ọ̀dọ̀ yín, kí ẹ sì lè dá a padà bí kò bá sí níbẹ̀.

Ẹni tí a fi ṣe àpẹẹrẹ yìí kò sí níbì kankan. Ara ohun tí a máa ń rí nígbà gbogbo la ti kó o jọ. Abilékọ ni, ẹni ọdún 41. Ọdún 14 ló fi wà ní ẹ̀ka owó oṣù, tó ń yẹ fáúṣà wò nínú yàrá kékeré kan pẹ̀lú ẹnì kan péré. Wọ́n gbé e ga lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì gbé e lọ sí yàrá ńlá tí ènìyàn méje ń lò, níbi tí òṣìṣẹ́ láti ẹ̀ka mìíràn ti ń wọlé wá béèrè owó wọn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Láàárín oṣù mẹ́fà, ó gba kúẹ̀rì méjì, ó gba ìsinmi àìsàn lẹ́ẹ̀mẹrin. Dókítà kọ́kọ́ wò ó fún ibà, lẹ́yìn náà fún ẹ̀jẹ̀ ríru, lẹ́yìn náà fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, kí wọ́n tó darí rẹ̀ wá fún àyẹ̀wò.

Ìbéèrè tí ẹ̀yin ọ̀gá máa ń kọ́kọ́ bi wá ni pé: bó bá jẹ́ pé wọ́n bí i mọ́ ọn ni, báwo ló ṣe ṣiṣẹ́ ọdún 14 láìsí wàhálà? Ìbéèrè gidi ni. Ìwé ìlànà tí a ń lò, DSM-5 tó jáde ní 2013, tí wọ́n sì tún ṣe ní 2022, sọ pé àmì rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wà láti kékeré. Ó tún sọ pé ó lè má hàn gbangba títí ohun tí àyíká ń béèrè lọ́wọ́ ẹni náà á fi ju agbára rẹ̀ lọ, tàbí kí ọgbọ́n tó ti kọ́ bò ó mọ́lẹ̀. Yàrá kékeré yẹn ló ń gbé abilékọ yìí ró fún ọdún 14, kò sẹ́ni tó mọ̀, òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Nígbà tí wọ́n yọ ọ́ níbẹ̀ ni ohun tó ti wà látilẹ̀ yọjú.

Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wò nínú ìjábọ̀ nìyẹn: ǹjẹ́ ó sọ nǹkan kan nípa ìgbà èwe? Nínú èyí tí à ń wí yìí, wọ́n jókòó ti ìyá rẹ̀ fún wákàtí méjì, wọ́n sì bi í léèrè ohun tó ń ṣe nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin sí márùn-ún. Ìyá ní ó máa ń to ọmọrí agolo mílíìkì sí ìlà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, láti èyí tó kéré jù dé èyí tó tóbi jù, ẹni tó bá sì ṣí ọ̀kan nípò ti dá ogun sílẹ̀ nìyẹn. Ó ní bí àwọn ọmọ ilé bá ń ṣeré, ó máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni, kì í bá wọn ṣe é. Ìjábọ̀ tó jẹ́ ìwé ìbéèrè tí ẹni náà dá kọ ìdáhùn rẹ̀ nìkan ló gbójú lé, ẹsẹ̀ kan ló fi dúró. Ìwé ìbéèrè tí wọ́n ń pè ní AQ ni ẹ máa ń rí jù: 50 ìbéèrè ni, ẹni tó bá gba 32 sókè ni wọ́n máa ń ní kó lọ ṣe àyẹ̀wò síwájú sí i. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ lásán lè gba máàkì tó ga níbẹ̀. Ìbéèrè kan tilẹ̀ wà nínú rẹ̀ tó ń bi ènìyàn bóyá á fẹ́ràn kó lọ sí tíátà ju kó lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lọ. Ẹ bi ẹni tí wọ́n bí sí Ìjọ̀kà, tí kò dé ọ̀kan rí nínú méjèèjì, kí ẹ gbọ́ ohun tó máa wí.

Ibì kan tún wà tí oníṣẹ́ tí kò mọ ilẹ̀ wa máa ń ṣìnà sí. Nínú ADOS-2, ìyẹn àyẹ̀wò ojúkojú tí a ń ṣe fún àgbàlagbà tó ń sọ̀rọ̀ já geere, a máa ń wo bí ẹni náà ṣe ń lo ojú. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kì í ranjú mọ́ àgbà. Bí a bá fi ìyẹn nìkan ṣe ìdájọ́, ìdajì Àkúrẹ́ ló máa ní ọ́tísíìmù. Ohun tó yẹ ká wò ni bí ó ṣe ń ṣe pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀, bóyá ojú, ọwọ́ àti ọ̀rọ̀ ń bá ara wọn rìn, àti bí ó ṣe ń kíni. Ìkíni wa wúlò púpọ̀ fún èyí nítorí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀ la fi ń kíni. Abilékọ yìí ti há ìkíni sórí bí ọmọ iléèwé ṣe ń há ìṣirò sórí: ẹni tó bá wà ní ọ́fíìsì, "ẹ kú iṣẹ́." Ó bá ọ̀gá rẹ̀ tó ń jẹun lọ́sàn-án, ó kúnlẹ̀ dáadáa, ó ní "ẹ kú iṣẹ́, mà." Ọ̀gá rò pé ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, pé iṣẹ́ òun kò ju oúnjẹ lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn wà lára ohun tó bí kúẹ̀rì àkọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sí ibi tí agbára rẹ̀ wà. "Ó ń ṣiṣẹ́ kára, ó ṣeé fọkàn tán" kò wúlò fún yín. A lè kọ ìyẹn nípa ẹnikẹ́ni. Ìjábọ̀ gidi á sọ iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe, bí ó ti mọ̀ ọ́n ṣe tó, àti ipò tó gbọ́dọ̀ wà kó tó lè ṣe é. Nínú àyẹ̀wò làákàyè, 100 ni àárín, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì wà láàárín 85 sí 115. Òye ọ̀rọ̀ abilékọ yìí jẹ́ 122. Bí nǹkan ṣe ń dúró sí i lórí fún ìgbà díẹ̀ jẹ́ 94. Bí ó ṣe ń yára ṣiṣẹ́ tí aago bá ń ká a lọ́wọ́ jẹ́ 84. Bí ẹnì kan bá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ ṣe nọ́ńbà kan, òtítọ́ inú rẹ̀ ti sọnù. Ẹni tó gbọ́ ọ bó ṣe ń ṣàlàyé òfin owó ìfẹ̀yìntì á rò pé kò sí ohun tó lè yọ ọ́ lẹ́nu, á wá bínú nígbà tó bá pẹ́ kó tó parí mẹ́mò kan. Ọ̀lẹ kọ́. Ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ yẹn ti ń wá.

Wọ́n tún fún un ní iṣẹ́ tó jọ ti ọ́fíìsì. Èyí kò sí lára àyẹ̀wò tí wọ́n ń tà nínú páálí, ṣùgbọ́n òun ló máa ń là wá lójú jù. Wọ́n gbé àkọsílẹ̀ owó oṣù ènìyàn 200 fún un, tí wọ́n ti mọ̀ọ́mọ̀ fi àṣìṣe 12 sí. Nínú yàrá tó dákẹ́, ó rí 11 láàárín ìṣẹ́jú 50. Wọ́n gbé òmíràn tó rí bákan náà fún un, wọ́n tan rédíò, ènìyàn méjì sì ń tàkúrọ̀sọ lẹ́yìn rẹ̀: ó rí 6 péré, ó sì lo wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 20. Ẹ máa mú ìyẹn dání bí ẹ ṣe ń kà á lọ, nítorí òun ló so ìdajì kìíní ìjábọ̀ mọ́ ìdajì kejì. Ibi tó ti mọṣẹ́ àti ibi tó ti nílò ìrànwọ́, ibì kan náà ni.

Nípa ìrànwọ́, ẹ máa rí "ìpele 1" nínú ìwé náà. Mẹ́ta ni ìpele. Ìkíní ni ti ẹni tó nílò ìrànwọ́, ìkẹta ni ti ẹni tó nílò rẹ̀ gan-an gan-an. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá máa ń ka ìpele 1 bí ẹni pé wọ́n ní "díẹ̀ ló ṣe é." Ìpele 1 pẹ̀lú ọ́fíìsì tí kò bá a mu lè dá ènìyàn dúbúlẹ̀.

Ohun mẹ́ta ló wúwo jù nínú ti abilékọ yìí. Ariwo la ti sọ. Ní ti ẹlòmíràn, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, etí á fi jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀. Kò tún ní fiyè sí i mọ́ àfi bí jẹnẹrétọ̀ náà bá kú. Ní ti abilékọ yìí, ariwo náà kì í lọ. Bó ṣe gbọ́ ọ ní aago mẹ́jọ àárọ̀ náà ló ń gbọ́ ọ ní aago mẹ́ta, gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ nínú yàrá náà sì ń wọlé ní ìwọ̀n kan náà.

Ìkejì ni ààbọ̀ ọ̀rọ̀. Ọ̀gá rẹ̀ yọrí wọlé, ó ní, "Ṣé ẹ ti rí fáìlì ìfẹ̀yìntì yẹn?" Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Wọ́n bi í bóyá ó rí i, ó rí i, ó ní òun rí i. Ọ̀gá jókòó fún ogójì ìṣẹ́jú ní yàrá tirẹ̀, ó ń retí fáìlì. Kúẹ̀rì kejì nìyẹn, "ìwà àfojúdi." Ẹ bá wa ka ìdáhùn tó kọ sí kúẹ̀rì yẹn: ó ṣàlàyé, láìbínú, pé wọn kò ní kí òun gbé e wá. Ọ̀gá tó kà á tún bínú sí i.

Ìkẹta ni ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ bí gbogbo rẹ̀ bá pọ̀ jù lọ́jọ́ kan. Ohùn rẹ̀ máa ń lọ. Á tẹjú mọ́ ibì kan, ọwọ́ rẹ̀ á máa fa etí aṣọ, orí ló máa fi dáhùn tàbí kó má dáhùn rárá, fún bíi ogún sí ogójì ìṣẹ́jú. Lójú àgbà Yorùbá, ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ tó dákẹ́ ń yájú ni. Bí ẹ ṣe lè mọ ìyàtọ̀ rẹ̀: ẹni tó ń yájú lè sọ̀rọ̀ bí ọmọ rẹ̀ bá pè é lórí fóònù, ẹni tí èyí bá ṣe kò lè gbé e. Bó bá ṣẹlẹ̀, ìbéèrè tí ẹ bá ń fi kún un ló ń jẹ́ kó pẹ́. Ẹ jẹ́ kó jáde, kí ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ sórí bébà, á dá yín lóhùn kí ọjọ́ tó pé.

Àbá wá kù. Òfin wa ni pé àbá tí kò bá sọ ta ni yóò ṣe é, kí ni yóò ṣe, àti báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ṣiṣẹ́, kì í ṣe àbá. Fún abilékọ yìí, ti àkọ́kọ́ ni ìjókòó. Dípò "àyíká tó dákẹ́," ohun tí wọ́n kọ ni pé kí wọ́n gbé tábìlì rẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà lọ sí igun tó jìnnà jù sí jẹnẹrétọ̀, kí ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, kí wọ́n pààrọ̀ iná gígùn tó ń ṣẹ́jú lókè orí rẹ̀, kí ẹlòmíràn sì máa gba àwọn tó ń wá béèrè owó. Kó máa lo ohun ìdíwọ̀ etí láti aago mẹ́sàn-án sí méjìlá, ìgbà tó ń yẹ fáúṣà wò. Ibi tí èyí ti máa ń bàjẹ́ ni pé bí wọ́n bá rí nǹkan létí rẹ̀, wọ́n á ní orin ló ń gbọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Èyí kékeré tí a ń kì bọ ihò etí dára ju èyí ńlá tó ń bo etí lọ, nítorí kò hàn, ó sì dín ariwo kù tó láìdí etí pa pátápátá. Kí alábòójútó sì mọ̀ pé bí òun bá fẹ́ pè é, kí òun kan tábìlì lẹ́ẹ̀kan, kí òun má fọwọ́ kàn án lẹ́yìn.

Ti kejì ni iṣẹ́ tí à ń fi ẹnu rán. Nígbà àyẹ̀wò, wọ́n fi ẹnu sọ ohun márùn-ún fún un léraléra. Méjì ló rántí ṣe. Wọ́n kọ márùn-ún mìíràn fún un, ó ṣe márààrún. Àbá náà ni pé kí alábòójútó máa kọ iṣẹ́ ránṣẹ́, lórí Wọ́tsáàpù tàbí bébà, kí ohun mẹ́rin sì wà níbẹ̀: kí ni, fún ta ni, ìgbà wo, báwo ni èyí tó parí ṣe rí. Irú èyí:

"Ẹ fi àkọsílẹ̀ owó oṣù Kẹsàn-án wé ti oṣù Kẹjọ. Ẹ kọ orúkọ ẹni tí owó rẹ̀ yí padà àti iye tó fi yí. Ọ̀gá ìnáwó ló fẹ́ ẹ, ní Ọjọ́rú, aago méjì ọ̀sán. Ojú ewé kan tó. Ẹ má kọ ìdí rẹ̀."

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ló ṣe pàtàkì jù fún irú ẹni yìí. Bí ẹ kò bá sọ ibi tí iṣẹ́ ti parí, á wá ìdí owó kọ̀ọ̀kan títí dé ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ohun tí ẹ ń retí ní Ọjọ́rú á wá dé ní Ọjọ́ Ajé, ó dára púpọ̀, kò sì wúlò mọ́. Agbára rẹ̀ náà ni, kò sẹ́ni tó dá a dúró ni.

Ti kẹta kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: kí wọ́n máa sọ fún un ní ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú bí wọ́n bá fẹ́ yí yàrá tàbí iṣẹ́ rẹ̀ padà, kí wọ́n sì fún un ní ohun tí ìpàdé máa dá lé ní ọjọ́ kan ṣáájú.

Ẹ jọ̀wọ́, ohun kan wà tí kì í sí nínú ìjábọ̀ gidi, òun náà sì ni àwọn kan máa ń kọ́kọ́ ṣe: kí wọ́n gbé e lọ sí yàrá ẹ̀yìn níbi tí fáìlì àtijọ́ wà, kó má bá ẹnikẹ́ni pàdé mọ́. Ó dákẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò sí fáúṣà níbẹ̀, kò sí ìgbéga níbẹ̀, ẹni tó lè rí àṣìṣe 11 nínú 12 sì wá ń gbọn eruku. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà tó lòdì sí yíya àwọn tó ní ìpèníjà sọ́tọ̀, òfin ọdún 2018 tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù Kìíní 2019, kò fi mọ sí kẹ̀kẹ́ àti ọ̀pá ìtilẹ̀ nìkan. Ìpèníjà ọpọlọ àti ti ìmọ̀lára tó pẹ́ wà nínú rẹ̀. Òun náà ló ní kí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ ìjọba, ó kéré tán, jẹ́ àwọn tó ní ìpèníjà. Bóyá àwọn kan nínú wọn ti wà lábẹ́ yín, láìjẹ́ pé wọ́n ní ìwé lọ́wọ́.

Lórí ìwé náà fúnra rẹ̀: ẹ má bèèrè odindi rẹ̀. Ọmọrí agolo mílíìkì àti ohun tí ìyá sọ kò kan rẹ́jísírì, ọ̀rọ̀ ìlera sì wà lára ohun tí òfin ìdáàbòbò àkọsílẹ̀ ara ẹni ti 2023 ní kí wọ́n dáàbò bò jù. Àkékúrú olójú ewé méjì, tó ní agbára rẹ̀, ìrànwọ́ tó nílò àti àbá nìkan, ló tó fún yín. Ẹ ní kí ẹni tó ṣe àyẹ̀wò kọ ọ́. Òṣìṣẹ́ náà ni yóò sì sọ ẹni tó lè mọ̀. Ọ̀gá kan lè fi inú rere kéde rẹ̀ ní ìpàdé àárọ̀ Ọjọ́ Ajé pé kí gbogbo wọn máa gba tirẹ̀ rò. Kí ọjọ́ tó rọ̀, wọ́n á ti ní orí rẹ̀ ló dàrú.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí alábòójútó àti òṣìṣẹ́ náà jókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí wọ́n ka nǹkan mẹ́ta: iye àṣìṣe tó kọjá láìrí, iye ọjọ́ àìsàn, àti iye ìgbà tí ohùn rẹ̀ lọ. Bí ọjọ́ àìsàn bá dín kù tí àṣìṣe kò sì dín, ìjókòó ti ṣiṣẹ́, bí ẹ ṣe ń rán an níṣẹ́ ni kò tíì ṣiṣẹ́. Kí wọ́n tún un ṣe ní ọ̀sẹ̀ kejìlá. Kí ẹ kọ ohun tí ẹ fẹnu kò sí, kí ẹni méjèèjì buwọ́ lù ú, kí ó wà nínú fáìlì rẹ̀, torí wọ́n á gbé alábòójútó yẹn lọ sí Òǹdó tàbí Ọ̀wọ̀ lọ́jọ́ kan, ẹni tó bá gba ipò rẹ̀ á sì wọlé ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní, á rí tábìlì ní igun, á ní kí wọ́n gbé e padà sẹ́nu ọ̀nà.

Àwa ni tiyín,
Àwọn tó ń ṣe àyẹ̀wò ọ́tísíìmù fún àgbàlagbà, Àkúrẹ́